Bí Igi Ìdìmú Àtẹ̀gùn Ṣe Ń Dúró Gbọn-in: Iṣẹ́ Káfíńtà Nínú Ilé Àgùdà ní Àjàṣẹ́

Ní Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní Pọ́tò-Nófò, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn Àgùdà kọ́ ṣì wà ní ọ̀pọ̀ àdúgbò. Àwọn Àgùdà ni àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì, àti àwọn ọmọ wọn, tí wọ́n padà wá sí etíkun wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Púpọ̀ nínú wọn padà dé pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́: iṣẹ́ bíríkìlà, iṣẹ́ káfíńtà, iṣẹ́ rírán aṣọ. Nígbà tí a bá sọ̀rọ̀ nípa ilé wọn, ojú ìta ni a sábà máa ń wò, àwọn òdòdó tí wọ́n fi símẹ́ǹtì mọ àti àwọn fèrèsé gíga. Àpilẹ̀kọ yìí wọ inú ilé lọ, síbi àtẹ̀gùn onígi. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé ni bí a ṣe ń so igi ìdìmú mọ́ òpó àti mọ́ àwọn ọ̀pá ààrin, tí kò fi ní mì nígbà tí ènìyàn bá fara tì í.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ìdí kan tó rọrùn. Nígbà tí igi ìdìmú bá bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ohun tí àwọn onílé sábà máa ń ṣe ni pé kí wọ́n kan ìṣó sí i. Ìṣó náà á di í mú fún ìgbà díẹ̀, á tún là, wọn á tún kan òmíràn, títí igi yóò fi ya. Ní ìkẹyìn, wọn á wú gbogbo rẹ̀ dànù, wọn á sì fi irin tàbí símẹ́ǹtì rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá ṣe ń lọ, nígbà tó jẹ́ pé oríkèé kan ṣoṣo ló bàjẹ́.

Orúkọ àwọn ẹ̀yà rẹ̀

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé ara wa, a ó lo orúkọ márùn-ún. Igi ìdìmú ni igi gígùn tí ọwọ́ ń dì mú bí a ti ń gòkè. Òpó ni igi nípọn tó dúró ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀ lókè. Ọ̀pá ààrin ni àwọn igi tín-ín-rín tó tò láàrin òpó méjèèjì. Nínú ilé Àgùdà, ẹ̀rọ ìyígi ni wọ́n sábà fi ń gbẹ́ ẹ, tó fi ní ọrùn àti ikùn. Ipele ni pákó tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Igi ẹ̀gbẹ́ ni pákó ńlá tó fì sọ́kọ̀ọ̀kan ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, tó gbé gbogbo ipele dúró.

Ẹni tó bá rí igi ìdìmú tó ń mì yóò rò pé igi ìdìmú ló ṣàìsàn. Kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Igi ìdìmú kò lè dá dúró fúnra rẹ̀. Òpó ló di orí rẹ̀ méjèèjì mú, àwọn ọ̀pá ààrin ló sì ti àárín rẹ̀. Òpó pẹ̀lú kò lè dá dúró, igi ẹ̀gbẹ́ ló dì í mú. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òkè tí ọwọ́ wà.

Ibi tí agbára ń lọ

Ẹ jẹ́ kí á mú àtẹ̀gùn kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ó ní ipele 13, igi ìdìmú rẹ̀ gùn tó mítà 4, ó sì fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 6. Òpó ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìrókò onígun mẹ́rin, sẹ̀ntímítà 9 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n so òpó yìí mọ́ igi ẹ̀gbẹ́ ní ibi méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Láti ibi ìsomọ́ òkè títí dé igi ìdìmú jẹ́ sẹ̀ntímítà 90.

Báwo ni agbára tó lè dé bá a ṣe pọ̀ tó? Òfin ilé kíkọ́ ní Amẹ́ríkà béèrè pé kí igi ìdìmú lè gba pọ́ùn 200 níbikíbi lórí rẹ̀, èyí tó tó kílò 90. Kò pọ̀ jù. Bí àgbàlagbà kan bá yọ̀ lórí àtẹ̀gùn tó sì já lu igi ìdìmú, tàbí bí ènìyàn méjì tó ń gbé àpótí bá fara tì í, agbára náà lè dé ibẹ̀.

Nígbà tí kílò 90 bá ti orí òpó síta, òpó náà ń ṣe bí ọ̀pá irin gígùn tí a fi ń wú kùkùté. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ di ibi tó ti ń yí, ibi ìsomọ́ òkè sì ń gba fífà tó pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ tì lọ. Bí ibi ìsomọ́ méjèèjì bá jìnnà síra ní sẹ̀ntímítà 15, gígùn láti orí òpó dé ibi ìsomọ́ ìsàlẹ̀ jẹ́ 105. A ó pín 105 sí ọ̀nà 15, ó jẹ́ 7. Kílò 90 lọ́nà 7 jẹ́ kílò 630. Fífà tí ibi ìsomọ́ òkè gbọ́dọ̀ gbà nìyẹn.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ bí káfíńtà bá kan ìṣó méjì tó súnmọ́ra ní sẹ̀ntímítà 5 péré. Gígùn náà jẹ́ 95. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 5, ó jẹ́ 19. Kílò 90 lọ́nà 19 jẹ́ kílò 1,710. Kò sí ìṣó tí yóò gba ìyẹn. Bẹ́ẹ̀, bí a bá lè mú ibi ìsomọ́ méjèèjì jìnnà tó sẹ̀ntímítà 30, fífà náà á dín kù sí kílò 360. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìṣirò yìí ni pé àlàfo láàrin ibi ìsomọ́ méjèèjì ṣe pàtàkì ju iye ìṣó lọ. Ìṣó mẹ́wàá tó kó jọ sójú kan kò tó bọ́ọ̀tì méjì tó jìnnà síra.

Àárín igi ìdìmú ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Igi tó gùn ní mítà 4 tó sì fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 6, bí orí rẹ̀ méjèèjì nìkan ni a dì mú, lè tẹ̀ ju sẹ̀ntímítà 10 lọ síta nígbà tí kílò 90 bá tì í láàárín, bó ti wù kí òpó le tó. Àwọn ọ̀pá ààrin ni kì í jẹ́ kó tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ wọn bá wọ inú ipele dáadáa, tí orí wọn sì wọ inú igi ìdìmú, mẹ́fà tàbí méje wọn á jọ gba ohun tí ọ̀kan kò lè gbà. Nítorí náà, òpó ló ni orí méjèèjì, ọ̀pá ààrin ló ni àárín.

Bí a ṣe ń mọ ibi tó ń mì

Kí a tó mú òòlù, ẹni méjì ni kó ṣe àyẹ̀wò. Ẹnì kan á máa ti òpó ìsàlẹ̀ síta, á tún fà á wọlé, díẹ̀díẹ̀. Ẹnìkejì á kúnlẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, á máa wo oríkèé kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi ìka kan gbogbo ibi tí igi méjì ti pàdé. Ìka máa ń mọ ìmìtìtì tí ojú kò rí.

Bí àlàfo bá ń ṣí láàrin òpó àti igi ẹ̀gbẹ́, ibi ìsomọ́ ìsàlẹ̀ ló là. Bí òpó àti igi ẹ̀gbẹ́ bá jọ ń yí pa pọ̀ láìsí àlàfo, igi ẹ̀gbẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń yí, bọ́ọ̀tì tuntun kò sì ní ràn án lọ́wọ́. Bí òpó bá dúró jẹ́ẹ́ ṣùgbọ́n tí igi ìdìmú ń mì lórí rẹ̀, oríkèé òkè ló tú. Bí orí méjèèjì bá le tí àárín ń mì, ẹ wo ẹsẹ̀ àwọn ọ̀pá ààrin.

Kí a tún fi ìlu gún ìsàlẹ̀ òpó àti igi ẹ̀gbẹ́. Bí ìlu bá wọlé wẹ́rẹ́, ikán tàbí ìjẹrà ti dé ibẹ̀. Ìrókò àti apá máa ń bá ikán jà fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n ibi tí igi bá ti kan ilẹ̀ tútù ni ewu rẹ̀ wà. Igi tó ti jẹrà kò lè di bọ́ọ̀tì mú. A ní láti gé e kúrò títí a ó fi dé ibi tó yè, kí a sì fi igi irú kan náà lẹ̀ ẹ́.

Òpó ìsàlẹ̀

A ń so òpó mọ́ ara igi ẹ̀gbẹ́, a kì í kàn gbé e lé orí ipele. A ó gé òpó níbi tó ti máa gbá igi ẹ̀gbẹ́ mọ́ra, kí ó lè jókòó pẹrẹsẹ sí i lára, ṣùgbọ́n a kò ní gé ju ìdá mẹ́ta rẹ̀ lọ. Fún òpó sẹ̀ntímítà 9, ó jẹ́ sẹ̀ntímítà 3. Ẹni tó bá gé e jù bẹ́ẹ̀ ti pa òpó níbi tí agbára ti pọ̀ jù lọ. Kí òpó náà gùn sísàlẹ̀ bí igi ẹ̀gbẹ́ bá ti jìn tó, torí pé ibẹ̀ la ti máa rí àlàfo tí a ṣírò lókè.

Bọ́ọ̀tì méjì, tí ìnípọn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 12, ni yóò gba inú òpó kọjá sí ẹ̀yìn igi ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì níbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé ni wọ́ṣà. Wọ́ṣà kékeré tí wọ́n ń tà pẹ̀lú bọ́ọ̀tì á rì sínú igi nígbà tí kílò 630 bá fà á, oríkèé á sì tú láìjẹ́ pé bọ́ọ̀tì já. Kí a gé pẹlẹbẹ irin onígun mẹ́rin, sẹ̀ntímítà 5 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí a lu ihò sáàárín rẹ̀, kí a fi sí ẹ̀yìn. Ní iwájú, a ó gbẹ́ kòtò díẹ̀ fún orí bọ́ọ̀tì àti wọ́ṣà rẹ̀, a ó sì fi igi irú kan náà dí ojú rẹ̀ kí ẹwà òpó má bàjẹ́. Kí a má fi gọ́ọ̀mù lẹ igi ìdíhò náà, nítorí ọjọ́ kan yóò dé tí ẹlòmíràn yóò nílò láti fún nọ́ọ̀tì náà.

Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé igi ẹ̀gbẹ́ ló ń yí, a ó kọ́kọ́ tọ́jú ìyẹn. Lábẹ́ ipele kìíní àti ìkejì, a ó gé igi nípọn tó há gádígádí láàrin igi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí òpó wà, a ó sì fi súkúrù gígùn dè é láti ìta níhà méjèèjì. Láti ìgbà yẹn, igi ẹ̀gbẹ́ kan kò lè yí láìgbé ìkejì dání.

Oríkèé igi ìdìmú àti òpó

Àwọn káfíńtà àtijọ́ kì í kan ìṣó síbí. Wọ́n máa ń gbẹ́ ahọ́n sí orí igi ìdìmú, wọ́n á gbẹ́ ihò sára òpó, wọ́n á sì fi èèkàn igi dè é. Nínú àpẹẹrẹ wa, ahọ́n náà nípọn ní sẹ̀ntímítà 2, ó sì gùn ní sẹ̀ntímítà 5. Apá igi ìdìmú tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n, tó fara ti òpó, ni a ń pè ní èjìká. Bí èjìká bá jókòó pẹrẹsẹ sára òpó, igi ìdìmú kò lè yí lọ sókè tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ó bá ṣí, kódà ní ìwọ̀n bébà kan, gbogbo agbára ti bọ́ sórí ahọ́n nìkan.

Kí èjìká má bàa ṣí, ọgbọ́n kan wà. A ó lu ihò èèkàn, mìlímítà 10, sára òpó kọjá inú ihò ahọ́n. A ó ti ahọ́n wọlé, a ó sàmì sí ibi tí ihò náà bọ́ sí lára rẹ̀, a ó sì tún fà á jáde. Nígbà tí a bá máa lu ti ahọ́n, a kò ní lù ú lójú àmì gan-an. A ó sún un ní mìlímítà 2 sí ìhà èjìká. Nígbà tí èèkàn bá wọlé, ihò méjèèjì kò bára dọ́gba, èèkàn á sì máa fa ahọ́n sínú òpó bó ti ń kọjá. Fífà náà á wà níbẹ̀ títí lọ. Bí a bá sún un jù, bíi mìlímítà 4, èèkàn á ṣẹ́ tàbí ahọ́n á là. Èèkàn gbọ́dọ̀ jẹ́ igi líle tí a là, kì í ṣe èyí tí a fi ayùn rẹ́, kí iṣan igi lè gba inú rẹ̀ lọ tààrà. Kí a sì fá ẹnu rẹ̀ kó mú díẹ̀.

Ìdí tí èyí fi ju ìṣó lọ ni ojú ọjọ́ wa. Igi kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tàbí kúrú, ṣùgbọ́n ó máa ń fẹ̀ nígbà òjò, ó sì máa ń sún kì nígbà ọyẹ́. Òpó sẹ̀ntímítà 9 lè dín ní nǹkan bíi mìlímítà kan. Lára ìṣó, ìfẹ̀ àti ìsúnkì yìí ń sọ ihò di gbígbòòrò lọ́dọọdún. Èèkàn igi tó tẹ̀ díẹ̀ nínú ihò rẹ̀ máa ń tẹ̀ lé ìyípadà náà, ó sì ń fa èjìká padà.

Ètò iṣẹ́ àti àwọn ọ̀pá ààrin

Ìbéèrè kan wà tó máa ń dí àwọn ọ̀dọ́ káfíńtà lọ́wọ́: bí òpó méjèèjì bá ti dúró gbọn-in, báwo ni ahọ́n igi ìdìmú ṣe fẹ́ wọlé? Kò lè wọlé. Nítorí náà, òpó òkè ni a ń kọ́kọ́ dè. A ó ti igi ìdìmú sínú rẹ̀, a ó fi èèkàn fà á. Lẹ́yìn náà ni a ó gbé òpó ìsàlẹ̀ wá bá orí kejì, a ó ti í kó gbé ahọ́n mì, a ó fi èèkàn dè é, a ó sì wá fi bọ́ọ̀tì de òpó náà mọ́ igi ẹ̀gbẹ́. Àwọn ọ̀pá ààrin ló kẹ́yìn.

Lábẹ́ igi ìdìmú, ojú ipa kan wà tó gùn láti orí dé ìdí, tó fẹ̀ bí orí ọ̀pá ààrin. Ní ẹsẹ̀, wọ́n gbẹ́ ahọ́n tó fẹ̀ nísàlẹ̀ tó sì tín-ín-rín lókè, wọ́n sì gbẹ́ ihò irú kan náà sí etí ipele, tó ṣí síta. A ó ti ẹsẹ̀ ọ̀pá wọlé láti ẹ̀gbẹ́, orí rẹ̀ á wọ inú ojú ipa. Ọ̀pá náà kò lè fò sókè, nítorí ìsàlẹ̀ ahọ́n rẹ̀ fẹ̀ ju ẹnu ihò lọ. Súkúrù kan láti ìta á dè é, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ á sì bo etí ipele, tí ẹnikẹ́ni kò ní rí iṣẹ́ náà.

Láàrin orí ọ̀pá kan àti èkejì, a ó fi pẹlẹbẹ igi kékeré dí ojú ipa náà, kí ó há dáadáa. Pẹlẹbẹ yìí ló ń jẹ́ kí gbogbo ọ̀pá ṣiṣẹ́ pọ̀. Bí ọ̀kan bá já bọ́, orí ọ̀pá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú ojú ipa, ẹsẹ̀ rẹ̀ á tú, ẹrù rẹ̀ á sì bọ́ sórí àwọn tó kù. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pá ààrin kì í fi í tú ní ẹyọ kan. Bí ẹ bá rí ọ̀kan tó ń mì, ẹ yẹ mẹ́ta wò níhà méjèèjì.

Fún ẹsẹ̀ tó ti tú, kí a má da gọ́ọ̀mù lé eruku àti ọ̀dà àtijọ́ lórí. Kí a yọ pákó etí, kí a fa ọ̀pá náà jáde, kí a nu ihò rẹ̀ títí igi gan-an yóò fi hàn. Bí ahọ́n bá ti jẹ, a ó fi gọ́ọ̀mù lẹ igi pẹ́lẹ́ńgẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a ó fá a títí yóò fi wọlé pẹ̀lú ọwọ́ àti òòlù onígi fẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tó wọlé pẹ̀lú ọwọ́ lásán ti tú jù.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ti dára

Kí a gbé ọ̀pá kan dúró nílẹ̀ láìkan àtẹ̀gùn, kí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan igi ìdìmú. Kí géńdé kan fi ara ti igi ìdìmú lórí òpó ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà láàárín, kí ẹlòmíràn sì fi rúlà wọn bó ṣe kúrò lára ọ̀pá náà. Igi ìdìmú onígi á tẹ̀ díẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ohun tí a ń wò ni pé kí ó padà síbi tó wà gan-an nígbà tí ọwọ́ bá kúrò, kí ó má ké, kí bébà má sì lè wọ èjìká kankan. Kí a tún un ṣe lẹ́yìn ọyẹ́ kan, nítorí ọyẹ́ ló ń tú àṣírí iṣẹ́ tí kò jinlẹ̀, kí a sì fún nọ́ọ̀tì tó bá ti rọ̀.

Ọ̀nà yìí ní ààlà rẹ̀. Bí igi ẹ̀gbẹ́ bá ti là ní gígùn, tàbí tí ikán ti jẹ inú rẹ̀, kò sí oríkèé tó lè dúró lára rẹ̀. Igi ẹ̀gbẹ́ ni a ó kọ́kọ́ tún ṣe, àtẹ̀gùn náà kò sì gbọdọ̀ gba ènìyàn títí dìgbà náà.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn tó ń ṣe ìwádìí. Inú oríkèé ni ìtàn káfíńtà wà: bí ó ṣe gé ahọ́n, irú igi tó fi ṣe èèkàn, àmì ìlà tó fà sára òpó kó tó gbẹ́ ihò. Ìgbà tí a bá tú u fún àtúnṣe nìkan ni ojú lè rí i. Kí a ya fọ́tò rẹ̀ kí a tó fá ohunkóhun kúrò, kí a wọn gígùn àti ìnípọn rẹ̀, kí a fún ọ̀pá ààrin kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí yóò mú un padà sí ihò rẹ̀, kí a tọ́jú èèkàn àtijọ́ tó bá jáde, kí a sì kọ ọdún àtúnṣe sábẹ́ ipele kìíní, níbi tí káfíńtà tó ń bọ̀ yóò ti rí i.